Ẹsẹ̀ Tí Ó Rọ́ àti Ẹsẹ̀ Tí Egungun Rẹ̀ Kán

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń gbé ní Ṣómólú àti Bàrígà)

Ohun tí a ní kí n bá yín sọ lónìí ni ọ̀rọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ tí ó rọ́ nígbà tí ènìyàn bá ṣubú. Kò sí àdúgbò wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan ń ti ibi iṣẹ́ ìwé títẹ̀ bọ̀ ní Ṣómólú, òjò ti rọ̀, pákó tí a tẹ́ sórí gọ́tà yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọmọdékùnrin kan ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ní Bàrígà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú kòtò. Kí a tó gbé e dé ilé, ọ̀rọ̀ ti di méjì: àwọn kan ní kí a gbé omi gbígbóná kaná, àwọn kan ní kí a ránṣẹ́ sí ẹni tí ń to egungun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú méjèèjì, òun náà ni pé, ṣé egungun kán ni àbí kò kán?

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa fi ọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kókó egungun méjì ni ẹ óò bá níbẹ̀, ọ̀kan ní òde, ọ̀kan ní inú. Ti òde ni ìparí egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti abẹ́ orúnkún sọ̀kalẹ̀ wá. Ti inú ni ìparí egungun ojúgun. Àwọn iṣan líle bí okùn ni ó so kókó wọ̀nyí mọ́ egungun àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ṣubú, lọ́pọ̀ ìgbà àtẹ́lẹsẹ̀ a máa yí sí inú, gbogbo ìwọ̀n ara a sì bọ́ sórí iṣan ti òde. Bí iṣan yìí bá fà jù, tàbí tí ó ya díẹ̀, tàbí tí ó já, ìyẹn ni a ń pè ní ẹsẹ̀ rírọ́. Ibi tí ó sábà máa ń dunni jù nígbà náà ni ibi rírọ̀ tí ó wà níwájú kókó òde àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe orí egungun gan-an.

Èrò mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ láàrin wa tí kò tọ̀nà. Èkíní ni pé bí ẹni náà bá lè mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, egungun kò kán. Irọ́ ni, nítorí iṣan tí ń mi ọmọ ìka kò sinmi lórí kókó egungun tí ó kán náà. Èkejì ni pé bí ó bá wú púpọ̀, ó ti kán nìyẹn. Iṣan tí ó ya lè wú bí ẹ̀kọ tútù kí ó sì dúdú dé ọmọ ìka, nígbà tí egungun tí ó là kò ní wú ju ìwọ̀nba lọ. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí ó bá gbọ́ ìró “kọ̀ọ́” nígbà tí ó ṣubú, egungun rẹ̀ ni ó dún. Iṣan tí ó já náà a máa dún.

Kí ni a ó wá fi mọ̀ ọ́n? Ní ọdún 1992, Dókítà Ian Stiell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ọ́táwà, ní ilẹ̀ Kánádà, gbé ìlànà kan jáde. Wọ́n ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a ń ya àwòrán ẹ́ksíréè ọrùn ẹsẹ̀ fún, tí ó sì jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ni egungun rẹ̀ kán. Ìlànà náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìka ọwọ́ àti ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ni a nílò fún un, ó sì ti tàn ká gbogbo ayé láti ìgbà náà.

Ohun tí a ń ṣe nìyí. Fi ìka kan tẹ ẹ̀yìn kókó òde, kí o máa tẹ̀ ẹ́ gòkè díẹ̀díẹ̀ tó bí ìbú ìka mẹ́ta, kí o sì tẹ orí ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣe bákan náà sí kókó inú. Lẹ́yìn náà, tẹ ibi méjì ní àtẹ́lẹsẹ̀ fúnra rẹ̀: kókó kékeré tí ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ òde, ní agbedeméjì gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka tí ó kéré jù, àti kókó tí ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ inú, níwájú kókó ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìrora bá wà lórí egungun níbikíbi nínú àwọn wọ̀nyí, kí a lọ ya àwòrán. Lẹ́yìn èyí ni ìrìn. Ṣé ó lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, méjì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Bí ó bá tilẹ̀ ń tiro, ó ti rìn nìyẹn. Ẹni tí kò lè gbé mẹ́rin yìí nígbà tí ó ṣubú, tí kò sì tún lè gbé e nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí òun náà lọ ya àwòrán. Èmi a máa fi ọ̀kan kún un: kí a tẹ egungun tẹ́ẹ́rẹ́ náà lọ títí dé abẹ́ orúnkún, nítorí nígbà mìíràn ọrùn ẹsẹ̀ ni ó yí, ṣùgbọ́n òkè lọ́hùn-ún ni egungun ti kán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ènìyàn méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin kan tí ń ru páálí ìwé ní Ṣómólú yí ẹsẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kókó òde kò hàn mọ́ nítorí wíwú, gbogbo ilé sì ń ké. A tẹ ẹ̀yìn kókó àti ṣóńṣó rẹ̀, kò dùn ún. A tẹ ibi rírọ̀ níwájú rẹ̀, ó pariwo. A gbé e dìde, ó di èjìká ọmọ rẹ̀ mú díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó tiro ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ẹsẹ̀ yìí rọ́ ni. Obìnrin kan tí ń tajà ní Bàrígà yí ẹsẹ̀ ní àkàsọ̀ ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Tirẹ̀ kò wú tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń rìn, ó ń sọ pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ kókó kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde àtẹ́lẹsẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, omi lé sí i lójú. Obìnrin yìí gan-an ni ó yẹ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Bí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, òdìkejì ni à bá ṣe.

Ìlànà yìí ní ààlà. Ẹni tí ó ti mu ọtí yó kò lè dáhùn bí ó ti yẹ. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, kò ní mọ ìrora egungun. Ọmọ kékeré kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún, egungun rẹ̀ sì ṣì ń dàgbà. Kí a mú irú àwọn wọ̀nyí lọ láìfi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wọ́ kúrò ní ipò rẹ̀, tí egungun yọ síta, tàbí tí ọmọ ìka tutù, tí ó funfun tàbí tí ó kú, ìdánwò kò sí mọ́. Ẹ fi páálí líle àti aṣọ di ẹsẹ̀ bí ẹ ti bá a, ẹ má ṣe nà án, ẹ gbé e sínú ọkọ̀. A kò jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. Ilé Ìwòsàn Egungun ti Ìgbóbì, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wà ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, Ilé Ìwòsàn Ìjọba sì wà ní Gbàgada.

Nísinsìnyí, ẹsẹ̀ tí ó rọ́ lásán. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí a jẹ́ kí ó sinmi, kí a gbé e lé orí ìrọ̀rí kí ó ga ju àyà lọ nígbà tí a bá dùbúlẹ̀. Kí a fi ohun tútù lé e. Omi inú ọ̀rá tí ó ti dì gbagidi, tí a tà ní ojúlé kejì, ti tó. Ṣùgbọ́n kí a fi aṣọ ìnura wé e, nítorí yìnyín a máa jó ara bí iná. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ti tó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí a tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: ìrora ni ohun tútù ń pa. Dókítà Gabe Mirkin ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó sọ ìsinmi àti yìnyín di òkìkí ní ọdún 1978, fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 2014 pé àṣejù méjèèjì lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Nítorí náà ẹni tí yìnyín kò bá rọrùn fún kò pàdánù púpọ̀. Omi gbígbóná, ìpara tí ń ta bí ata àti fífi ọwọ́ rà á ni kí a yàgò fún ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta náà, nítorí wọ́n ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tún ya sí ibi tí ó ti ń wú.

Dídì rẹ̀ ni ó ń fẹ́ ọwọ́ ìmọ̀. Báńdéèjì tí ń fà ni kí a lò. Ìdí ọmọ ìka ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a máa yí i gòkè, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tí ó ṣáájú, kí ó gba gìgísẹ̀ kọjá, kí ó sì parí sí òkè ọrùn ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìsàlẹ̀ ni kí ó le jù, kí ó máa dẹ̀ bí ó ti ń gòkè. Lẹ́yìn náà tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kí ó funfun, kí o sì fi í sílẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kí o tó ka eéjì tán. Bí kò bá padà, tàbí tí ọmọ ìka tutù, tí ó ń já jó, tàbí tí ó dúdú, tú u, kí o sì tún un dì. Ní alẹ́, kí a tú u sílẹ̀.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ bá àwọn tí ó fẹ́ràn teguntegun sọ̀rọ̀, láìsí àfojúdi sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọwọ́ àti sùúrù. Ṣùgbọ́n pákó àti okùn tí a fi di ẹsẹ̀ tí ó ṣì ń wú a máa di ẹ̀wọ̀n: ẹsẹ̀ ń wú, okùn kò fà, ẹ̀jẹ̀ kò kọjá mọ́. Àwọn dókítà egungun ní ilẹ̀ wa ti kọ̀wé léraléra nípa ọmọdé àti àgbà tí ẹsẹ̀ wọn rà bẹ́ẹ̀, tí a ní láti gé e. Àmì rẹ̀ ni ìrora tí ń pọ̀ sí i dípò kí ó máa dín kù lẹ́yìn tí a ti dì í, pàápàá nígbà tí a bá rọra na ọmọ ìka. Bí ọmọ bá ń ké ní òru lórí ẹsẹ̀ tí a dì ní ọ̀sán, a kò gbọdọ̀ sọ fún un pé kí ó fara dà á. Kí a gé okùn náà lójú ẹsẹ̀, kí a má ṣe dúró de ẹni tí ó dì í, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ ní òru náà, nítorí ìwọ̀nba wákàtí ni iṣan lè gbé láìrí ẹ̀jẹ̀.

Láti ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ tí ó rọ́ kò gbọdọ̀ wà ní ìdè mọ́. Kí ẹni náà máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ A, B, D sí ojú òfuurufú, kí ó sì máa tẹ ilẹ̀ bí ìrora bá ti gbà á láàyè. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kan tí kò tíì lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa, kí ó lọ fi han dókítà bí ìdánwò àkọ́kọ́ tilẹ̀ dára. Nígbà tí ó bá lè rìn láìtiro, kí ó máa dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan fún ìdajì ìṣẹ́jú, nígbà mélòó kan lóòjọ́, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà; iṣan tí ó ti ya lẹ́ẹ̀kan a máa gbàgbé bí a ti ń dúró, ìdí sì nìyí tí ẹsẹ̀ kan náà fi ń rọ́ lẹ́ẹ̀kejì lórí pápá.