Ìdí-igi, Orí-ojorí àti Ṣíà Bàbá: Ìlànà Tẹ́ẹ̀mù Pépà Kan Lórí Okòwò Ìdílé



Wọ́n ní kí a kọ tẹ́ẹ̀mù pépà ní kíláàsì wa lórí ìṣòro ìjogún àti ìṣàkóso nínú okòwò ìdílé. Àkòrí yẹn fẹ̀ jù. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mú: bí bàbá tó ní kọ́ńpìnnì bá kú láì kọ ìwé ìhágún, tí ìdílé sì pín ogún bí Yorùbá ṣe ń pín in, ta ni yóò máa pàṣẹ nínú kọ́ńpìnnì náà? Ìlànà tí mo fẹ́ fi kọ ọ́ nìyí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kí n tó jókòó tì í.

Àṣà ìpíngún ni pépà mi yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún olórogún. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń wò. Ọmọ ìyá kan a gba ìpín kan, wọn a sì lọ pín in láàárín ara wọn. Nínú orí-ojorí, iye ọmọ ni wọ́n ń wò, kálukú a sì gba iye kan náà.

Ẹjọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀ lórí èyí ni ti ogún Suberu Dawodu, tó kú ní Èkó ní 1940 láì kọ ìwé ìhágún, tó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Adájọ́ Jibowu tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà kò fara mọ́ ìdí-igi, ó ní kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ yẹn padà ní 1958. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà gan-an, ó ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé bí ìjà bá dé, olórí ẹbí ló lè sọ pé kí wọ́n lo orí-ojorí dípò rẹ̀. Ní 1962, Prífì Káńsùlù ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọwọ́ sí i.

Ìlé àti ilẹ̀ ni àṣà yìí mọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá pín ilé oníyàrá mẹ́wàá, kálukú á gba owó ìyálégbé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíà kì í ṣe yàrá. Ìbò ló wà nínú ṣíà, ibẹ̀ gan-an ni pépà mi sì ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, kì í ṣe ìdílé ẹnikẹ́ni. Bàbá kan ní bekírì tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, ṣíà 1,000 ló wà níbẹ̀, òun nìkan ló sì ni gbogbo rẹ̀. Ìyàwó méjì ló fẹ́ nílé, kò fẹ́ èyíkéyìí ní kóòtù. Ìyálé bí mẹ́rin, ìyàwó kejì bí ẹyọ kan. (Bó bá jẹ́ pé ó ti fẹ́ ìyàwó lábẹ́ òfin ìgbéyàwó, bíi ní rẹ́jísìtìrì, òfin mìíràn ni yóò pín ogún rẹ̀. Mi ò ní kan ìyẹn nínú pépà yìí.)

Bí wọ́n bá lo ìdí-igi, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ gba 500, ìyẹn 125 fún kálukú wọn. Ọmọ kan náà ti ìyàwó kejì á gba 500. Ní ìpàdé àwọn oníṣíà, ìpinnu lásán gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìbò lọ. 500 kò ju 500 lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ yan olùdarí, tí apá kan bá ní rárá, ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀ nìyẹn, àfi bí alága bá ní ìbò kejì. Ta wá ni alága? Ìjà mìíràn nìyẹn.

Ẹ wò ó, bí olórí ẹbí bá ní kí wọ́n lo orí-ojorí, ọ̀rọ̀ á yí padà pátápátá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 200. Àwọn mẹ́rin ọmọ ìyá kan á ní 800, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn kan á ní 200. Ìpinnu ńlá, bíi kí a yí ìwé ìlànà padà, ń fẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò, ìyẹn 750. Àwọn mẹ́rin yẹn ti kọjá a. Wọ́n lè ṣe ohunkóhun láì bi ọmọ ìyàwó kejì léèrè. Ó ní ìdá kan nínú márùn-ún kọ́ńpìnnì, síbẹ̀ kò lè dá nǹkan kan dúró.

Nítorí náà ọ̀nà kan ń fa kí iṣẹ́ há, èkejì ń fa ìrẹ́jẹ. Àwọn àgbà tó jókòó pín in kò sì ṣe àìtọ́ kankan.

Ìrẹ́jẹ yìí kì í pariwo, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fún un ní ojú ìwé tó pọ̀ jù. Òfin ní àwọn olùdarí ló gbọ́dọ̀ dábàá èrè pínpín, àwọn oníṣíà kò sì lè pín ju iye tí wọ́n dábàá lọ. Ẹ jẹ́ ká ní bekírì náà ń pa mílíọ̀nù 12 náírà lọ́dún. Àwọn mẹ́rin sọ ara wọn di olùdarí, kálukú ń gba owó oṣù 250,000. Lọ́dún kan, mílíọ̀nù mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 12 ti tán. Ẹni tó ní ṣíà 200 á gbọ́ pé, "A ò jèrè lọ́dún yìí." Nínú ìwé ìṣirò, òótọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀, ẹ fi ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bí owó oṣù àwọn olùdarí bá ń ga tí búrẹ́dì tí wọ́n ń tà kò pọ̀ sí i, tí èrè pínpín sì jẹ́ òdo lọ́dọọdún, ẹ ti rí i. Òfin CAMA ti 2020 gba ẹni bẹ́ẹ̀ láàyè láti lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ń gba owó àti ọdún, ìdílé tó bá sì pe ara wọn lẹ́jọ́ kì í sábà jọ jẹun mọ́.

Ipò Dáwódù náà yóò ní ìpínrọ̀ kan. Àkọ́bí ọkùnrin ni olórí ẹbí, ó sì lè máa bójú tó ilé bàbá. Ìyẹn kò sọ ọ́ di olùdarí kọ́ńpìnnì. Ìbò ló ń yan olùdarí. Mo rò pé púpọ̀ nínú ìjà inú ìdílé wa ló ti ibẹ̀ yẹn wá: ẹ̀gbọ́n rò pé wọ́n gba ẹ̀tọ́ òun, àbúrò rò pé ẹ̀gbọ́n fẹ́ jẹ gàba.

Ìpín tó kẹ́yìn ni ohun tí bàbá lè ṣe nígbà tó ṣì wà láàyè. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kó fún ọmọ tó mọ iṣẹ́ ní ṣíà tó ní ìbò, kó fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní. CAMA kò gba ìyẹn: ṣíà kan, ìbò kan, àyàfi irú ṣíà kan tí òfin yọ sọ́tọ̀. Èyí tí èmi fẹ́ dábàá ni kí ó kọ ìwé ìhágún, kí ó fi ṣíà 1,000 náà sọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́ mẹ́ta: ẹnì kan láti apá ìyá kọ̀ọ̀kan, àti ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí, bóyá akáúńtáǹtì. Àwọn ni yóò máa dìbò. Àwọn ọmọ á máa gba èrè. Kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó oṣù ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ti àjèjì tó lè ṣe iṣẹ́ náà lọ, àti bí wọn yóò ṣe díyelé ṣíà tí ẹnì kan bá fẹ́ jáde, kí wọ́n lè san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún márùn-ún láì pa bekírì.

Ibi tí àbá yìí kù sí wà o. Ẹni kẹta yẹn ló di ọba, nítorí ìbò tirẹ̀ ni yóò máa la ìjà. Bí apá kan bá rà á, a ti padà sí 800 àti 200. Mi ò tíì rí ọ̀nà tó dá mi lójú láti dí ihò yẹn, àfi pé kí sáà rẹ̀ má ju ọdún mẹ́ta lọ, kí apá méjèèjì sì jọ fọwọ́ sí ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí i ṣe nínú ìdílé yín, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí Wátsáàpù kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, nítorí ọjọ́ Ajé ni mo máa fi pépà sílẹ̀.