Ìdámẹ́rin Tí Ó Di Ìdámẹ́ta: Ọ̀rọ̀ Lórí Náírà àti Ọjà Òkè-Òkun



Ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ohun tí ó ti sọ ojú owó ọ̀pọ̀ oníṣòwò di kékeré láìjẹ́ pé olè wọ ilé ìtajà wọn. Ní ìlú Fẹ́sítákì yìí, tí a kọ́ nítorí àjọ̀dún ńlá àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977, àti káàkiri Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń jẹun láti inú ọjà òkè-òkun. Èbúté Àpápá tí ọkọ̀ ojú omi ń já ẹrù sí kò jìnnà sí wa, ọjà Tréèdì Féà tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì wà ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn bá dé pé náírà ti pàdánù ìdámẹ́rin agbára rẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ní ọjà ni pé, "Ẹ jẹ́ kí a fi ìdámẹ́rin kún iye ọjà." Àwa wí pé ìṣirò náà kò pé. Ìdámẹ́ta ni iye tí a fi ń ra ọjà náà ti lé sí i, a ó sì fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọdún 2024 yẹ̀ wò. Ní àárín oṣù kẹrin ọdún náà, nǹkan bíi 1,150 náírà ni a fi ń gba dọ́là kan ní ọjà tí ìjọba fi ọwọ́ sí. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó ti di nǹkan bíi 1,535. Ẹ wá wo oníṣòwò kan tí ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ̀lú, kí a kàn fi ṣe àpẹẹrẹ. Páálí mẹ́rin ni ó máa ń rà lẹ́ẹ̀kan, páálí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 250 dọ́là, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000 dọ́là. Ní oṣù kẹrin, 1,150,000 náírà tó o láti rà wọ́n. Ní ìparí ọdún, bí ó bá mú iye owó kan náà lọ, dọ́là tí yóò rí gbà kò ju nǹkan bíi 750 lọ. Páálí mẹ́ta ni ó lè rà. Páálí kan nínú mẹ́rin ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni ìtumọ̀ pé náírà pàdánù ìdámẹ́rin: owó kan náà ń ra mẹ́ta níbi tí ó ti ń ra mẹ́rin tẹ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni yóò ṣe kí páálí kẹrin tó padà sí ọwọ́ rẹ̀? Gbogbo 1,150,000 náírà rẹ̀ ti tán lórí páálí mẹ́ta. Nítorí náà páálí kan ń gba ìdámẹ́ta owó náà, èyíinì ni nǹkan bíi 383,000 náírà, ó sì di dandan kí ó wá irú owó bẹ́ẹ̀ sí i. Ibí ni gbogbo àdììtú náà wà. Nígbà tí a ń sọ ohun tí ó sọnù, páálí mẹ́rin ti àtijọ́ ni a fi ń díwọ̀n, nítorí náà ó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Nígbà tí a ń sọ ohun tí a ó fi kún un, páálí mẹ́ta tí ó kù ni a fi ń díwọ̀n, nítorí náà ó jẹ́ ìdámẹ́ta. Páálí kan náà ni. Òṣùwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Bí oníṣòwò yìí bá fi ìdámẹ́rin péré kún owó rẹ̀, yóò di 1,437,500 náírà. Ó lè rò pé òun ti dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá pààrọ̀ rẹ̀ sí 1,535, nǹkan bíi 936 dọ́là ni yóò rí; owó páálí kẹrin kò pé. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí náírà bá wálẹ̀, owó náírà tí ó ń kà yóò máa pọ̀ sí i, àpótí ìtajà rẹ̀ yóò sì máa ṣófo. Nítorí náà, kí a má fi iye náírà mọ̀ bóyá òwò ń lọ dáadáa. Iye páálí tí a lè rà padà ni kí a kà.

Òfin rẹ̀ kò le. Ẹ fi ohun tí ó sọnù wé ohun tí ó kù. Bí ìdámẹ́rin bá sọnù, mẹ́ta ni ó kù. Ọ̀kan lórí mẹ́ta jẹ́ ìdámẹ́ta. Bí ìdajì bá sọnù, ìdajì ni ó kù. Nítorí náà iye ọjà di ìlọ́po méjì. Èyí ni ojú àwọn ará wa ní ilẹ̀ Bìnì Olómìnira àti Tógò rí ní oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí a sọ owó Séfà di ìdajì: 50 Séfà ni ó ń gba owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó sì di 100 lọ́gán. Ohun tí ó sọnù jẹ́ ìdajì, ṣùgbọ́n ohun tí a ní láti fi kún owó ọjà Faransé jẹ́ odidi.

Nítorí èyí, kí ẹ má jẹ́ kí ìwé ìròyìn da yín láàmú. Láti 1,150 dé 1,535, ẹnì kan lè kọ ọ́ pé náírà fi ìdámẹ́rin wálẹ̀, ẹlòmíràn lè kọ ọ́ pé dọ́là fi ìdámẹ́ta gòkè. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ẹni tí ó bá wí pé náírà ni ó pàdánù ìdámẹ́ta ni ó ṣìnà. Bí ìṣirò tirẹ̀ bá tọ̀nà, a jẹ́ pé bí dọ́là bá ti 1,150 di 2,300, náírà ti pàdánù gbogbo agbára rẹ̀, kò sì lè ra ohunkóhun mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣì ń ra ìdajì.

Ó ku ohun kan. Ìdámẹ́ta yìí kan apá tí a fi dọ́là san nìkan, pẹ̀lú owó ibodè, nítorí àwọn aṣọ́bodè a máa fi iye dọ́là ṣírò tiwọn. Owó ọkọ̀ láti Àpápá, owó ilé ìtajà, àti owó ọ̀yà àwọn alágbàṣe jẹ́ náírà, wọn kì í sì í gòkè lọ́jọ́ kan náà. Bí ọjà kan bá jẹ́ 100,000 náírà, tí 60,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti dọ́là, 60,000 yóò di 80,000, ṣùgbọ́n 40,000 yòókù yóò dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 120,000. Ìdámárùn-ún péré ni ó lé. Nítorí náà, ọlọ́jà tí ó fi ìdámẹ́ta lé gbogbo iye ọjà náà ti gbà ju ohun tí dọ́là nìkan béèrè lọ, oníbàárà sì ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà náà má pe ọlọ́jà tí ó fi ìdámẹ́ta kún apá ti dọ́là ní ọ̀kánjúwà. Páálí kẹrin rẹ̀ ni ó ń wá.