Bí Ọ̀dọ́ Nọ́ọ̀sì Tí Ń Lọ sí Ìlú Ọba Yóò Ṣe Pín Owó Ìpamọ́ Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún, Ìlọrin)

 

Ọ̀rọ̀ tí a yàn fún mi lónìí jẹ́ èyí tí ó ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa. Ọmọbìnrin kan kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì jáde, ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ní ilé ìwòsàn níhìn-ín, ìwé ìgbanisíṣẹ́ sì dé sí i láti ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìlú Ọba. Ó ní owó díẹ̀ ní ìpamọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí ó fi èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ nílé, kí a lè rà ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ti lọ ṣáájú ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ dání. Èmi kò gba ti bàbá, n kò sì gba ti ọ̀rẹ́. Ohun tí mo wí ni pé kí ọmọ náà mú ìwé kan, kí ó kọ gbogbo ìnáwó tí ó ń bọ̀ sílẹ̀, kí ó sì pín owó náà gẹ́gẹ́ bí ìlú tí a ó ti ná an.

Ìdí òfin yìí kò le. Owó tí a ó fi san ilé ní Ìlú Ọba, pọ́n-ùn ni a ó fi san án. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní náírà, ewu ni. Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ tú okùn ọrùn náírà. Kí ó tó di ìgbà náà, £1 kò tó ₦600 ní báǹkì. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi parí, ó ti ju ₦1,800 lọ. Ẹni tí ó fi ₦1,000,000 pamọ́ de ìrìn àjò rẹ̀ ní ohun tí ó ju £1,650 lọ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé, owó kan náà kò tó £560 mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oògùn ìyá nílé, náírà ni a ó fi san án. Èyí kò ní láti kọjá òkun kí ó tó padà wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé nọ́ọ̀sì kan, tí kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ní ₦9,000,000, kí a sì fi £1 ṣe ₦2,000 kí ìṣirò lè rọrùn. Ilé ìwòsàn tí ó gbà á ti ṣèlérí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, owó ìdánwò ìṣe tí a ń pè ní OSCE lẹ́ẹ̀kan, àti ibùgbé fún oṣù kìíní. Kí ó tó gba èyí gbọ́, kí ó rí i nínú ìwé. Kí ó sì béèrè bóyá ilé ìwòsàn náà yóò jẹ́rìí fún un lórí owó ìtọ́jú oṣù kìíní. Bí kò bá jẹ́rìí, òfin físà ní kí £1,270 wà nínú àkáǹtì rẹ̀ fún ọjọ́ 28 láìsí ọjọ́ kan tí ó dín. Àwọn tí owó wọn wà ní náírà ni èyí máa ń mú: owó wọn kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n bí náírà bá sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó fi ìwé béèrè físà ránṣẹ́, ó lè má pé £1,270 mọ́, nítorí pé ìdíyelé pọ́n-ùn ti ọjọ́ ìbéèrè ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí yóò fi náírà ṣe é, kí ó fi àlékún tí ó tó ìdámẹ́rin sí i.

Nísinsìnyí, apá kìíní nínú ìwé náà: owó tí yóò di pọ́n-ùn.

Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ àti ọkọ̀ títí owó oṣù yóò fi dé. Ní òpin oṣù ni wọ́n ń sanwó níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ti ìwé owó oṣù ṣáájú. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í lè dúró dé òpin oṣù kejì. Nítorí náà kí ó ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, £80 fún ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí ó jẹ́ £480. Èkejì ni yàrá. Bí oṣù ìbùgbé bá parí, yóò wá yàrá fúnra rẹ̀. Ní Ìńgílándì, òfin ọdún 2019 kò jẹ́ kí onílé gba owó ìdúró tí ó ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Bí yàrá bá jẹ́ £600 lóṣù, owó ìdúró kò ní ju £692 lọ. Àti £600 oṣù kìíní, gbogbo rẹ̀ £1,292. Ẹ̀kẹta ni aṣọ òtútù àti bàtà, £200.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé: bí ó bá kùnà nínú ìdánwò OSCE ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tí kò ì tí ì yege kò lè ṣiṣẹ́ bí nọ́ọ̀sì kíkún, òfin físà sì fún un ní oṣù mẹ́jọ láti yege. Ní ọdún 2025, owó ìdánwò náà jẹ́ £794. Bí ó bá jẹ́ pé apá díẹ̀ nìkan ni ó kùnà, £397. Ilé ìwòsàn lè san ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì lè má san án. Kí ó fi £794 sílẹ̀. Bí ó bá yege lẹ́ẹ̀kan, owó náà di ìpamọ́ rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, £700 fún tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀, nítorí pé ikú kì í dájọ́, àwa Mùsùlùmí kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ bá ìsìnkú, kí ó lè bá ẹbí ṣe àdúà.

Bí a bá ro márààrún pọ̀, ó jẹ́ £3,466. Kí a pè é ní £3,500, èyí tí ó jẹ́ ₦7,000,000. Kí owó yìí wọ àkáǹtì pọ́n-ùn ní orúkọ òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti ọkọ àfẹ́sọ́nà.

Apá kejì: ₦2,000,000 tí ó kù nílé. Gbèsè ni kí ó kọ́kọ́ san. Bí ó bá ti kó àjọ rẹ̀ ṣáájú, tí ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tí ì kàn, gbèsè ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí ó bá fi wọ́n sílẹ̀, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò mú. Ẹ jẹ́ kí a fi ₦300,000 sí èyí. Lẹ́yìn náà, ₦100,000 lóṣù fún àwọn òbí fún oṣù mẹ́rin, ₦400,000, kí wọ́n má bàa máa retí owó ní ìgbà tí òun gan-an kò tí ì fìdí múlẹ̀. ₦600,000 fún àìsàn, ní ibi tí a ti lè fà á yọ lọ́jọ́ kan náà. ₦700,000 tí ó ṣẹ́kù ni kí ó so mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ èlé lè dúró de Súkúùkù ìjọba àpapọ̀, tí a kọ́kọ́ tà ní ọdún 2017 láti fi ṣe títì. Owó ìlò ọ̀nà ni wọ́n ń pín fún ẹni tí ó rà á, kì í ṣe èlé. Ẹni tí kò bá kọ èlé lè ra ìwé ẹ̀yáwó ìpamọ́ ìjọba, láti ₦5,000 sókè, tí ń sanwó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé bí ọjà bá wọ́n ju èrè rẹ̀ lọ, owó náà ń rù ni. Ìdí nìyí tí èyí kò fi gbọdọ̀ jẹ́ apá tí ó pọ̀ jù.

Apá kẹta ni owó oṣù. Ní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìńgílándì ń san £24,937 lọ́dún fún ẹni tí kò tí ì yege OSCE. Tí ó bá yege, ó di £31,049. Lẹ́yìn owó orí, owó ìdáàbòbò àti owó ìfẹ̀yìntì, ohun tí ń wọlé jẹ́ bí £1,680 lóṣù ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà bí £1,980. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wò ó: yàrá nìkan ti gbé £600. Nítorí náà kí ó kọ sínú ètò pé títí òun yóò fi yege, òun kì yóò fi kún ₦100,000 náà. Nígbà tí ó bá yege, kí ó sọ iye tí yóò máa fi ránṣẹ́ ní náírà, gẹ́gẹ́ bí ìnáwó ilé, kì í ṣe ní pọ́n-ùn. Bí ó bá jẹ́ ₦150,000, £75 ni. Bí náírà bá sọ̀ sí i, èrè náà yóò wọ ìpamọ́ rẹ̀. Bí ọjà bá wọ́n nílé, kí a tún un wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ó ku ohun méjì tí ń ba ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ìkíní ni nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà tí ó so mọ́ BVN ni báǹkì ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ sí. Bí síìmù náà bá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ fóònù yóò tì í pa, wọn á sì tà á fún ẹlòmíràn. Ọmọ náà kò ní lè fa owó ara rẹ̀ yọ láti òkèèrè. Kí ó gbé síìmù náà dání, kí ó máa fi owó díẹ̀ sí i, kí ó sì máa lò ó. Ìkejì ni gbólóhùn ìsanpadà nínú ìwé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní kí ẹni tí ó bá fi wọ́n sílẹ̀ kí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó pé san lára ohun tí wọ́n ná lé e lórí padà. Kí ó ka iye náà, kí ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò rẹ̀ bí gbèsè, kí ó tó ronú láti pààrọ̀ iṣẹ́. Aṣojú tí ó bá sì ní kí ó sanwó kí òun tó wá iṣẹ́ fún un ti rú òfin ìgbanisíṣẹ́ Ìlú Ọba.

Nígbà tí ìwé náà bá pé, kí ó kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún bàbá tàbí ìyá, ọ̀kan fún àgbà kan tí kò ní ìpín nínú owó náà. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i lójú ara wọn. Nígbà náà, bí ẹ̀gbọ́n kan bá wá béèrè owó ilẹ̀ ní oṣù kejì, ọmọ náà kò ní láti sọ pé òun kò fẹ́; ìwé ni yóò dá a lóhùn. Ilẹ̀ kò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kí ó dúró títí yóò fi pé ọdún kan níbẹ̀, tí owó oṣù mẹ́ta yóò fi wà ní ìpamọ́ rẹ̀ ní pọ́n-ùn.

 Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi tí ẹ ti la ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye tí ẹ ná ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, kí a lè tún ìṣirò yìí ṣe lọ́dọọdún fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.