Aṣọ Ọdún àti Agbára Alààwẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Oníṣẹ́ Ọwọ́

Bísímílláhi. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó pín àkókò sí òru àti ọ̀sán. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀ Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ wáàsí ni a ti gbọ́ lórí ohun tí ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Èyí tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni iṣẹ́ tí alààwẹ̀ ń bà jẹ́ nítorí pé kò fi í sí wákàtí tí ó yẹ. Iṣẹ́ télọ̀ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù lọ nígbà tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ. Oṣù tí ó ń gba ààwẹ̀ náà ni gbogbo ayé ń gbé aṣọ ìtúnu wá fún un.

Bí o bá jẹ́ télọ̀ ní Du níbí, ìwọ náà mọ bí ó ti rí. Léèsì ni ẹnìkan gbé wá, àǹkárá ni ẹlòmíràn, bàbá àgbà kan sì gbé aṣọ agbádá sílẹ̀ pé ọjọ́ ọdún kò gbọdọ̀ bá òun láìwọ̀ ọ́. Nínú màsíhábì Imáámù Málíkì, èyí tí àwa ní ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé, ọwọ́ líle ni àwọn onímọ̀ fi mú ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tí a gbé dúkìá lé lọ́wọ́. Bí àìkíyèsára rẹ̀ bá ba aṣọ jẹ́, òun ni yóò san án. Wí pé ebi ń pa mí nígbà tí mo gé e kò lè gbà ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ìwọ ni o yan wákàtí tí o gé e.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ọjọ́ Sátidé, ni a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní Nàìjíríà, ọjọ́ 30 oṣù náà ni a sì ṣe ọdún. Ní agbègbè Jọ́ọ̀sì nígbà náà, láti nǹkan bí agogo 5:30 ìdájí títí di nǹkan bí agogo 6:30 ìrọ̀lẹ́ ni alààwẹ̀ kò fi nǹkan kan ẹnu. Wákàtí 13 nìyẹn. Nítorí pé ilẹ̀ wa kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, gígùn ààwẹ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún bí ti àwọn ará wa tí ó wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá to wákàtí rẹ̀ dáradára lẹ́ẹ̀kan lè máa lo ètò náà lọ́dọọdún.

Nínú wákàtí 13 yìí, agbára kì í dọ́gba. Oúnjẹ sààrì ni ara kọ́kọ́ ń ná. Lẹ́yìn náà ni ó kan ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú pamọ́, èyí tí ọpọlọ fi ń ríran rí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀sán ti ń lọ ni ìpamọ́ yìí ń dín kù, tí ara sì ń yí sí ọ̀rá. Omi pẹ̀lú ń dín kù bákan náà. Níhìn-ín ni òkè Jọ́ọ̀sì ti ń tan ènìyàn jẹ. Nítorí pé ibi gíga ni a wà, tí atẹ́gùn sì tutù, òógùn kì í hàn lára wa bí ó ti ń hàn lára ará Ìbàdàn, a sì rò pé omi kò jáde. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tí ó gbẹ ń gbé omi náà lọ láti ara awọ àti láti inú èémí wa láì jẹ́ kí a mọ̀. Ìtọ̀ tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní ọ̀sán àti òòyì nígbà tí o bá dìde lójijì ni yóò sọ fún ọ.

Nígbà náà, èwo ni iṣẹ́ tí ó le jù lọ? Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ń ṣì í gbà. Wọ́n rò pé iṣẹ́ tí ó ń gba ipá ni iṣẹ́ líle, nítorí náà ìran máṣíìnì ni wọ́n ń fi ṣáájú ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń fi gígé aṣọ sí ìrọ̀lẹ́ nítorí pé a kò fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan nígbà tí a bá ń gé e. Ní tèmi, iṣẹ́ tí àṣìṣe rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe ni iṣẹ́ líle. Ojú ìrán tí ó wọ́, a lè tú u. Bọ́tìnnì tí a fi síbi tí kò yẹ, a lè já a kí a tún un fi. Ṣùgbọ́n ọrùn bùbá tí a gé fẹ̀ jù, ta ni yóò dá a padà? Agbádá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ká ni a ń ká aṣọ rẹ̀ lé ara wọn kí a tó gé e. Bí àlùmágàjí bá yà níbì kan, ó ti yà lórí gbogbo ìpele rẹ̀.

Nítorí náà, òwúrọ̀ ni ti gígé. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé aṣọ 24 ni télọ̀ kan gbà fún ọdún. Lóde ààwẹ̀, ó máa ń gé ọ̀kan, yóò rán an, yóò lọ̀ ọ́, kí ó tó fọwọ́ kan òmíràn. Nínú ààwẹ̀, kí ó pa ìlànà yẹn tì. Kí ó pín iṣẹ́ náà sí ìpele, kí ó má ṣe pín in sí oníbàárà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó má gé aṣọ olówó iyebíye rárá, nítorí pé ara kò tí ì mọ ààwẹ̀ lára, orí sì máa ń fọ́ ẹni tí ó ti fi tíì tàbí obì mọ́ òwúrọ̀. Kí ó fi ọjọ́ wọ̀nyí wọn àwọn tí kò tí ì wọ̀n, kí ó fi omi sí aṣọ tí ó lè súnkì, kí ó sì to òwú àti gàmú jọ.

Láti ọjọ́ kẹrin ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé méjì-méjì ní òwúrọ̀, láti agogo 7:30 sí 10:30. Ìṣirò ọdún 2025 lọ báyìí: láti ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ kẹtàdínlógún jẹ́ ọjọ́ 14. Jímọ̀ méjì wà nínú rẹ̀, tí a fi sílẹ̀ fún ìmúra mọ́sálásí. Ó ku òwúrọ̀ 12, méjì ní ọ̀nà 12 sì ni aṣọ 24. Kí ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn tó wọlé, àlùmágàjí ti sinmi. Bí aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ bá ju 24 lọ, má ṣe sọ ọ́ di mẹ́ta lóòjọ́. Ńṣe ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í gé láti oṣù Ṣàbáánì.

Láti agogo 10:30 títí di Ayílà, kí ó máa rán ojú ìrán títọ́. Lẹ́yìn Ayílà, kí ó sùn fún ìṣẹ́jú 20 tàbí 30. Kàílúlà ni a ń pe oorun yìí, sunnah sì ni. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara má baà wúwo nígbà tí ó bá jí. Ọ̀sán títí dé Màgáríbì jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ wẹ́wẹ́: ṣíṣẹ́ etí aṣọ, gbígán bọ́tìnnì, gígé òwú tí ó yọ. Aṣọ lílọ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí ooru àyọ́ọ̀nù, pàápàá ti eléèédú, ń fa omi jáde lára. Kí ó fi èyí sí ẹ̀yìn ìṣínu, nígbà tí ó lè máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Má sì ṣe gbé e lé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí òun náà ń gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pé kí iṣẹ́ lè yá.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ pé wákàtí gígé ti kọjá, kódà ní òwúrọ̀, wọn ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí o pe iye rẹ̀ sókè, kí ọmọ iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí méjèèjì bá fi ju ìdajì íǹṣì lọ yàtọ̀ síra wọn, gbé àlùmágàjí sílẹ̀. Àmì mìíràn ni pé kí abẹ́rẹ́ máa ṣẹ́ léraléra, tàbí kí o máa jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Gbogbo ètò yìí dúró lórí òru. Bí a bá kí Ìṣáì àti àṣámù tán ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, ẹni tí ó sùn ní agogo mẹ́wàá yóò rí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sùn kí ó tó dìde fún sààrì ní 4:30. Ẹni tí ó tẹ máṣíìnì títí di agogo kan òru kò ní òwúrọ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ kò sàn ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ, kí ó má tàn ara rẹ̀ pé òòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Sunnah ni kí a fa sààrì sẹ́yìn sí ìdájí, ó sì ṣe télọ̀ láǹfààní: ẹ̀wà tàbí ọkà tí a jẹ ní agogo márùn-ún ń pẹ́ nínú ju búrẹ́dì àti tíì aládùn lọ.

Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ fa omi láti inú adágún tí kùsà fi sílẹ̀ sí oko ẹ̀fọ́ àti ànàmọ́, ọ̀tọ̀ ni tiyín. Ipá àti òógùn ni iṣẹ́ yín ń gbà. Ẹ̀yin, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ títí di agogo mẹ́wàá, kí ẹ ti la gbogbo ojú omi tán. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu òùngbẹ nítòótọ́, àwọn onímọ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí ènìyàn ṣínu kí ó sì san án padà. Àmọ́ ẹni tí ó sùn di agogo mẹ́sàn-án kí ó tó gbé ọkọ́, òun ni ó gbé ara rẹ̀ dé inú ọ̀sán.

Ó ku oníbàárà. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa ní Du kì í ṣe Mùsùlùmí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọdún 2025 ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ni àwọn náà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tiwọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ pé kí o gé aṣọ òun lójú òun, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òwúrọ̀ ni o ń gé aṣọ nínú oṣù yìí, kí o sì dá ọjọ́ fún un. Ẹni tí ó sì gbé léèsì dé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wo òwúrọ̀ tí ó ṣẹ́kù fún ọ. Bí òwúrọ̀ kan bá ṣófo, gbà á. Bí kò bá sí, dá aṣọ náà padà fún un nínú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó lè rí télọ̀ mìíràn wá kí ọdún tó dé.