Ìṣínu Lójú Òfuurufú

Nínú Ràmàdáànì ọdún 2024, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Kánò lọ sí Jẹ́dà fún Úmúrà. Nígbà tí oòrùn wọ̀ tán lójú fèrèsé, aago ọwọ́ mi, tí n kò tíì yí, wà ní 4:45. Bàbá tó jókòó tì mí kọ omi.

"Alfa, ní Kánò, ó máa ń kọjá 6:30 ká tó ṣínu!"

Mo ní, "Bàbá, ìlà oòrùn la dojú kọ, aago Jẹ́dà fi wákàtí 2 ṣáájú tiwa. Wíwọ̀ oòrùn níbi tí a wà la fi ń ṣínu, kì í ṣe aago ilé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ dàbínù.

Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ni ọjọ́ ń gùn fún. Bí ará ìlú ìsàlẹ̀ bá ti ṣínu, tí ẹ ṣì ń rí oòrùn lókè, ẹ dúró. Bó bá nira, Kùránì gba arìnrìn-àjò láyè láti ṣínu, kó san án padà lẹ́yìn Ràmàdáànì.