Owó Ọjọ́ àti Owó Ebè: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Wọn

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà ni mo gbé wá lónìí, nítorí pé ẹni tí ń ṣe àgbàṣe àti ẹni tí ń gbé iṣẹ́ fún un ni wọ́n jókòó pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń san owó òṣìṣẹ́. Àwọn kan ń gba owó lórí àkókò, ìbáà jẹ́ wákàtí, ọjọ́ tàbí oṣù. Àwọn mìíràn ń gba owó lórí iye iṣẹ́, bí iye ebè tí wọ́n kọ tàbí iye ẹ̀wù tí wọ́n rán. Ohun tí ó ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ gan-an ni ẹni tí ó ru àdánù ìdádúró. Bí iná mànàmáná bá lọ fún wákàtí méjì ní ilé iṣẹ́ aránṣọ, olówó iṣẹ́ ni ó pàdánù bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ni ó ń san. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wù ni ó ń san, aránṣọ tí ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe ni ó jẹ gbèsè náà.

Ẹ má ṣe rò pé òfin ti bá wa tún èyí ṣe. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ, èyí tí a ṣe ní 2019, tí a sì sọ iye rẹ̀ di ₦70,000 ní 2024, kò kan ibi tí a ti ń sanwó lórí iye iṣẹ́. Kò kan ibi tí òṣìṣẹ́ kò pé 25, bẹ́ẹ̀ ni kò kan iṣẹ́ àsìkò bí iṣẹ́ oko. Alágbàṣe wa wà lẹ́yìn odi òfin náà. Àdéhùn ẹnu nìkan ni ó ní, nítorí náà ó yẹ kí á mọ bí a ti ń ṣe àdéhùn náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́, òfin ní ìlànà kan tí mo fẹ́ kí á yá lò. A ó kọ́kọ́ wo iye tí àwọn òṣìṣẹ́ lè ṣe ní wákàtí kan, a ó sì mú ìdọ́gba rẹ̀. A ó pín ìdọ́gba yìí sí 1.2. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi iye tí ó kù pín owó wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí á fi ebè ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá pín ₦70,000 sí ọjọ́ 25 nínú oṣù, ọjọ́ kan jẹ́ ₦2,800. Bí a bá ṣiṣẹ́ wákàtí 8, wákàtí kan jẹ́ ₦350. Ẹ kò gbọdọ̀ mú èyí bí iye owó ọjà. Mo kàn fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò ni. Ọkùnrin mẹ́ta wọ oko kan náà. Ní wákàtí kan, ọ̀kan kọ ebè 30, èkejì kọ 24, ẹ̀kẹta kọ 18. Ìdọ́gba wọn jẹ́ 24. Pín in sí 1.2, ó di 20. Fi 20 pín ₦350, ebè kan di ₦17.50.

Ní ọjọ́ kan, ẹni àkọ́kọ́ yóò gba ₦4,200, èkejì ₦3,360, ẹ̀kẹta ₦2,520. Ẹ̀kẹta ṣì kùnà ₦2,800 pẹ̀lú ₦280, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè kọ 20 ní wákàtí kan kò ní kùnà. Ìdí nìyẹn tí 1.2 fi wà níbẹ̀. Bí a kò bá pín in, ebè kan kò ní tó ₦15, gbogbo ẹni tí kò bá sì yára tó ẹni àárín ni yóò gba owó tí ó dín.

Ibi tí ẹ̀tàn ti máa ń wọlé ni ibi ìdánwò náà. Ẹlòmíràn yóò mú gìrìpá kan ṣoṣo lọ sí ilẹ̀ rírọ̀ lẹ́yìn òjò, yóò kà á, yóò sì fi iye rẹ̀ dá owó fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ó bá di ilẹ̀ olókùúta, ẹni tí ń kọ 24 lè má kọ ju 16 lọ. Ní wákàtí 8, ₦2,240 ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ kò dín. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá yí padà, kí a tún ìdánwò ṣe, kí àkókò tí a fi pọ́n ọkọ́ àti èyí tí a fi mumi sì wà nínú wákàtí tí a kà.

Ẹ̀yin olóko náà ní ẹjọ́ tiyín, mo sì gbà pé òótọ́ ni: ẹni tí ń gba owó lórí ebè a máa sáré, ebè rẹ̀ a sì kéré. Ẹ gé igi kan ní ìwọ̀n gíga tí ẹ fẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi wọn ebè lójú àwọn méjèèjì. Kí a máa ri ẹ̀ka mọ́lẹ̀ ní ìdí ogún-ogún ebè, kí olóko àti alágbàṣe sì kọ ọ́ sí ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi méjèèjì wéra kí oòrùn tó wọ̀.