ILÉ BÀBÁ WA TÍ A KÒ TÍÌ PÍN

Nígbà tí ìgbìmọ̀ pè mí, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa òfin ogún. Mo ní òfin pọ̀ jù fún ọjọ́ ìdùnnú, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ilé kan ṣoṣo. Gbogbo wa níbí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bàbá ọ̀pọ̀ nínú wa ti sùn, ilé tí wọ́n kọ́ sì wà láàárín ìlú, a kò pín in, a kò tà á, ó sì ń jò.

Ẹ mọ̀ pé akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé tí mo fẹ́ sọ yìí kò dé kóòtù, pálọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, yàrá mẹ́rin lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù méjì lójú títì. Bàbá tó kọ́ ọ fẹ́ ìyàwó mẹ́ta. Ìyálé bí ọmọ mẹ́rin, ìyàwó kejì bí mẹ́ta, ìyàwó kékeré bí méjì. Ìyá kékeré nìkan ló kù láyé nínú àwọn ìyàwó, yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ló ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n àgbà, Dáwódù wọn, ọmọ ìyálé, ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù, kò sì jíyìn fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìyàwó kejì kan fi owó ara rẹ̀ kan páànù tuntun, ó wá ní òkè ti di tòun. Àbúrò Dáwódù lóbìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí wọ́n ta ilé kí oníkálukú gba tirẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí ìyá kékeré kó jáde kí wọ́n lè háyà yàrá rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni wọn kò fi kí ara wọn.

Mo kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá bàbá kọ ìwé wíìlì, tàbí ó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba. Wọ́n ní rárá sí méjèèjì. Bí ẹ bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú wọn, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, torí ó lè jẹ́ pé àṣà ìbílẹ̀ kọ́ ni yóò pín ogún náà.

Owó ṣọ́ọ̀bù la kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń mú 180,000 náírà wọlé lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360,000. Wọ́n gbà kí a yọ 120,000 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ilé, ó ku 240,000. Báwo la ó ṣe pín in? Bí a bá lo ìdí-igi, ọwọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan á gba 80,000. Ọmọ ìyálé kọ̀ọ̀kan á gba 20,000, ọmọ ìyàwó kékeré kọ̀ọ̀kan á gba 40,000. Bí a bá lo orí-ojorí, ẹni kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, á gba nǹkan bí 26,666. Ní ọdún 1962, nínú ẹjọ́ Dáńmólé àti Dáwódù tó ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ fi ọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àmọ́ bí ìjà bá wà lórí pínpín, olórí ẹbí lè ní kí a lo orí-ojorí.

Ẹ wá wò ó. Olórí ẹbí ti ọwọ́ ìyálé wá, orí-ojorí ló sì máa fi owó kún àpò tiwọn. Bí òun bá dájọ́, ta ni yóò gbà? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìyàwó kejì jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án. Ọ̀nà yòówù kí a gbà, 26,666 náà ni ti ẹni kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìdí-igi ni òun bá nílé. Dáwódù wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun gbà, bí wọn kò bá ní bèèrè owó àtẹ̀yìnwá lọ́wọ́ òun. Inú àwọn kan kò dùn sí èyí, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ó lọ.

Ẹni tó kan páànù kó rìsíìtì wá, ó jẹ́ 480,000. Owó tí ọmọ ẹbí fi tún ilé ẹbí ṣe kì í sọ ilé di tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó gbé. Wọ́n ní kí wọ́n máa san 80,000 fún un lọ́dún láti inú owó àtúnṣe, fún ọdún mẹ́fà, kí 40,000 tó kù máa tún ilé ṣe.

Ibi tí èmi fúnra mi ti fẹ́ ba nǹkan jẹ́ rèé. Nígbà tí mo kọ ìwé àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé “yàrá méjì òkè lápá ọ̀tún di ti ọwọ́ ìyàwó kejì.” Lọ́yà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní, “Ṣé ẹ ti pín ilé ni?” Ọ̀rọ̀ “di ti” yẹn lè mú kí kóòtù sọ pé ilé ẹbí ti parí, pé oníkálukú ti ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹnìkan lè ta yàrá fún àjèjì. A pa á rẹ́, a kọ “yóò máa lò.” A fi kún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta yàrá, kò gbọ́dọ̀ fi yá owó, kò sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú wíìlì. Ìyá kékeré yóò máa gbé yàrá rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Títa gbogbo ilé ńkọ́? Àfi bí Dáwódù àti àgbà ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bá jọ fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ṣe wà: bí olórí ẹbí bá dá nìkan tà, àwọn yòókù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n yí i padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pẹ́ jù kí wọ́n tó lọ, ó lè bọ́.

Ọjọ́ ìfọwọ́sí, àwọn mẹ́jọ ló wá. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ohùn òun lórí fóònù ti tó. Mo ní kò tó, torí òun gan-an ló fẹ́ kí wọ́n ta ilé. A dúró ọ̀sẹ̀ márùn-ún títí ìwé tó fọwọ́ sí níwájú nótárì ọ̀hún fi dé. Ìyá kékeré kò mọ̀wé, a kà á fún un lédè Yorùbá látòkè délẹ̀, ó bèèrè ìbéèrè méjì, kí ó tó tẹ àtàǹpàkò. A kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé a kà á, ó sì yé e, mo sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì èmi tí mo kọ ìwé náà. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan lọ. Owó ṣọ́ọ̀bù ń wọ báǹkì báyìí, ẹni mẹ́ta láti ọwọ́ mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i kí ó tó jáde.

Ọdún mẹ́rin rèé. Gbèsè páànù ku ọdún méjì. Owó ṣọ́ọ̀bù ti gbówó lórí, àwọn kan sì ti ń kùn pé iye tí à ń yọ fún àtúnṣe kò tó mọ́. Ìwé náà sọ pé kí wọ́n tún jókòó lé e lórí ní ọdún karùn-ún, èyí jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ti ní kí n má rìnrìn àjò lóṣù náà.